Ilẹ̀ àti àjà nínú ìṣirò: kí ló dé tí ìkà wa fi máa ń fi ẹyọ kan dín tàbí lé?

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè pé ọdún mélòó ló ní ọjọ́ 366 láti 1960 títí dé 2024. Àwọn kan á yọ 1960 kúrò nínú 2024, wọ́n á rí 64, wọ́n á pín in sí mẹ́rin, wọ́n á ní 16. Àwọn kan á fi ìka kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní 17. Ẹni tó fi ìka kà á ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpín tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe kò lábùkù: 64 sí ọ̀nà mẹ́rin, 16 ni lóòótọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi í kọ́ ló dáhùn.

Irú ẹyọ kan tó ń sọnù báyìí ni iṣẹ́ méjì kan nínú ìṣirò wà fún, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí fílóò àti sílíìnì. Níhìn-ín, ilẹ̀ àti àjà la ó máa pè wọ́n, torí ohun tí orúkọ wọn túmọ̀ sí gan-an nìyẹn.

Kí ni ilẹ̀, kí ni àjà?

Nọ́ńbà tí kì í bá ṣe odidi máa ń wà láàárín odidi méjì. 3.7 wà láàárín 3 àti 4. Ẹ fi í ṣe ẹni tó dúró nínú yàrá: 3 ni ilẹ̀ tó ń tẹ̀, 4 ni àjà tó wà lókè orí rẹ̀. Báyìí la ń kọ ọ́: ⌊3.7⌋ = 3, ⌈3.7⌉ = 4. Ìkọ́ àmì ti ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti àjà wà lókè. Tí nọ́ńbà náà bá ti jẹ́ odidi tẹ́lẹ̀, kò sí àyè láàárín, ilẹ̀ àti àjà rẹ̀ di ọ̀kan náà: ⌊5⌋ = ⌈5⌉ = 5.

Kenneth Iverson ló gbé àmì méjèèjì yìí jáde ní 1962. Kí ó tó dé, [x] tí Gauss lò ní 1808 ni àwọn oníṣirò ń kọ, ilẹ̀ nìkan ló sì dúró fún. Tí ẹ bá rí i nínú ìwé àtijọ́, ẹ má ṣe rò pé àkámọ́ lásán ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣubú ni nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. Kí ni ilẹ̀ −2.3? Ẹni tó bá kàn gé dẹ́símà jù nù á ní −2. Rárá o. Ilẹ̀ ni odidi tó tóbi jù lọ tí kò ju nọ́ńbà náà lọ, −2 sì ju −2.3 lọ. −3 ni ilẹ̀ rẹ̀, −2 ni àjà rẹ̀. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń gbẹ́ kànga: tó bá ti wọlẹ̀ ní mítà 2.3, àmì mítà 3 ló kù nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, àmì mítà 2 ti wà lókè ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ la ti rí òfin kan tó wúlò púpọ̀: ⌊−x⌋ = −⌈x⌉. Tí a bá yí àmì nọ́ńbà padà, ńṣe ni ilé dojú dé, tí àjà di ilẹ̀.

Gbogbo ohun tó kù nínú àlàyé yìí dúró lórí ìlà kan ṣoṣo. Tí m bá jẹ́ odidi, m jẹ́ ilẹ̀ x tí èyí bá jẹ́ òótọ́, tí èyí nìkan bá sì jẹ́ òótọ́:

m ≤ x < m + 1

Ẹ kíyè sí i pé apá òsì gba kí wọ́n dọ́gba, apá ọ̀tún kò gbà. Ti àjà yí i padà: m − 1 < x ≤ m.

Èwo là ń lò nígbà wo?

Èrò 100 ń lọ síbi ìnáwó, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ háyà ń gba èèyàn 14. 100 ÷ 14 jẹ́ 7.14 àti díẹ̀. Ẹni tó bá ní “ó súnmọ́ 7” á fi èèyàn méjì sílẹ̀ ní gáréèjì, nítorí bọ́ọ̀sì méje, èèyàn 98 péré ló lè kó. Àjà la nílò níbẹ̀: 8. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ₦1,000 lẹ ní lọ́wọ́, tí ìpápánu kan jẹ́ ₦350, 1000 ÷ 350 jẹ́ 2.86, kò sì sí ẹni tó máa ta ìkẹta fún yín torí pé owó yín súnmọ́ ọn. Ilẹ̀ nìyẹn: 2. Ẹ bi ara yín pé kí ni ìṣẹ́kù ń ṣe. Tí ìṣẹ́kù bá nílò ààyè tirẹ̀, àjà ni. Tí ìṣẹ́kù kò bá já mọ́ nǹkan kan, ilẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi rí àjà láti ara ilẹ̀. Tí n àti k bá jẹ́ odidi, tí k sì ju òdo lọ:

⌈n/k⌉ = ⌊(n + k − 1)/k⌋

Fún bọ́ọ̀sì wa, (100 + 13) ÷ 14 jẹ́ 8.07, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 8. Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká ní n kún bọ́ọ̀sì q dẹ́múdẹ́mú, tó sì ṣẹ́ku r. Tí kò bá ṣẹ́ku ẹnikẹ́ni, k − 1 tí a fi kún un kò tó bọ́ọ̀sì kan, ẹyọ kan ló fi dín, nítorí náà q ló máa dúró sí. Tó bá ṣẹ́ku ẹnì kan péré, ẹni yẹn àti k − 1 para pọ̀ di k, bọ́ọ̀sì kan sì kún geerege: q + 1. Tó bá ju ẹnì kan lọ, q + 1 náà ni, torí ìṣẹ́kù kò lè tó k.

Ìdí nìyẹn tí k − 1 fi gbọ́dọ̀ jẹ́ k − 1. Àwọn tó ń fi odindi k kún un, tàbí tó ń kọ ⌊n/k⌋ + 1, kì í rí àṣìṣe wọn lára 100. Ẹ gbé èèyàn 98 fún wọn: (98 + 14) ÷ 14 jẹ́ 8, wọ́n á sì sanwó bọ́ọ̀sì tí kò ní èrò kankan nínú. Ìdánwò tó ń tú irú àṣìṣe báyìí fó ni nọ́ńbà tó pín dọ́gba. Ẹ má gbàgbé ìyẹn “tí n àti k bá jẹ́ odidi” náà. Tí n bá jẹ́ 98.5, àjà 98.5 ÷ 14 jẹ́ 8, àmọ́ (98.5 + 13) ÷ 14 kò tó 8, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.

Báwo la ṣe ń ka ohun tó wà láàárín ibì kan sí ibòmíràn?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọdún wa. Ìlọ́po 4 mélòó ló wà láti 1 dé n? Àwọn ni 4×1, 4×2, 4×3, títí dé 4×k tí kò ju n lọ. Ìyẹn ni pé k kò gbọ́dọ̀ ju n/4 lọ, odidi tó tóbi jù lọ tó sì bá ìyẹn mu ni ⌊n/4⌋. Iye wọn náà nìyẹn.

Fún 1960 sí 2024, a ka gbogbo èyí tó wà láti 1 dé 2024, a sì yọ àwọn tó ti wà ṣáájú 1960. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó wà ṣáájú ni 1959, kì í ṣe 1960:

⌊2024/4⌋ − ⌊1959/4⌋ = 506 − 489 = 17

Ẹni tó bá fi 1960 sí ipò 1959 á rí 506 − 490 = 16, torí ó ti yọ 1960 fúnra rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí à ń kà ni. Àṣìṣe ẹni tó pín 64 sí mẹ́rin náà nìyẹn. Láàárín òpó ọgbà 17, àlàfo 16 ló wà. Àlàfo ló kà, òpó ni wọ́n bi í.

Ẹ̀tàn mìíràn ni pé kí èèyàn ka gígùn nìkan: láti 1960 dé 2024 jẹ́ ọdún 65, 65 ÷ 4 jẹ́ 16.25. Gígùn nìkan kò lè sọ ìdáhùn. Ọdún 65 tó tẹ̀ léra lè ní ìlọ́po 4 tó jẹ́ 16, ó sì lè jẹ́ 17, ìyẹn ilẹ̀ tàbí àjà 16.25, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu. Láti 1961 dé 2025 jẹ́ ọdún 65 bákan náà, ṣùgbọ́n 506 − 490 jẹ́ 16.

Kàlẹ́ńdà tí à ń lò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1582, tún ní àfikún kan: ọdún tó jẹ́ ìlọ́po 100 kì í ní ọjọ́ 366, àfi tó bá jẹ́ ìlọ́po 400. Nítorí náà a ó yọ ìlọ́po 100, a ó sì dá ìlọ́po 400 padà. Láàárín 1960 sí 2024, ìlọ́po 100 jẹ́ 20 − 19 = 1, ìlọ́po 400 jẹ́ 5 − 4 = 1. Ọdún 2000 ni méjèèjì, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. 17 ló dúró. Láti 1893 dé 1907 ló ti máa ń hàn: ìlọ́po 4 jẹ́ 476 − 473 = 3, ìlọ́po 100 jẹ́ 1, ìlọ́po 400 jẹ́ òdo, ó wá ku 2, ìyẹn 1896 àti 1904.

Ẹ wá wò ó pẹ̀lú ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, 1960, ọjọ́ Sátidé ni. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 2024 bọ́ sí? Ọdún 64 ló wà láàárín wọn. Ọdún 17 ló ní ọjọ́ 366, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: Fẹ́búárì 1960 ti kọjá kí òmìnira tó dé, torí náà ọjọ́ 29 Fẹ́búárì 16 péré ló bọ́ sáàárín. (Ìdáhùn 16 tí a kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti padà wá o, ìbéèrè ló yí padà.) Àpapọ̀ ọjọ́ jẹ́ 64 × 365 + 16 = 23,376. Ọ̀sẹ̀ tó pé nínú rẹ̀ jẹ́ ⌊23376/7⌋ = 3,339. Ìṣẹ́kù jẹ́ 23,376 − 7 × 3,339 = 3. Sátidé, kí a fi ọjọ́ mẹ́ta lé e, ó di Túsìdeé, Túsìdeé náà ló sì bọ́ sí. Tí a bá fi 17 ṣe é, Wẹ́sìdeé là bá rí.

Báwo la ṣe ń fi ẹ̀rí múlẹ̀ nípa wọn?

Ẹ̀rù ilẹ̀ máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀rí torí pé kò ṣe é já sí méjì bí àkámọ́. ⌊2x⌋ kì í ṣe 2⌊x⌋: tí x bá jẹ́ 1.5, èkíní jẹ́ 3, èkejì jẹ́ 2. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a tú ilẹ̀ náà sílẹ̀ sí ìlà tí a kọ lókè, kí a ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ≤ àti <, lẹ́yìn náà kí a padà sọ ọ́ di ilẹ̀.

Ẹ gbé ⌊x + y⌋ yẹ̀ wò. Ẹ kọ x gẹ́gẹ́ bí ⌊x⌋ + a, y gẹ́gẹ́ bí ⌊y⌋ + b, níbi tí a àti b ti wà láti 0 sí ohun tí kò tó 1. Àpapọ̀ a àti b kò lè tó 2. Tí kò bá tó 1, ⌊x + y⌋ = ⌊x⌋ + ⌊y⌋. Tó bá tó 1, ẹyọ kan ló máa fi lé. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ẹni tó ní yáàdì aṣọ 2.6 àti òmíràn tó jẹ́ yáàdì 1.7, tó fẹ́ gé gèlè oníyáàdì kọ̀ọ̀kan, gèlè 2 + 1 = 3 ló máa rí. Ìwé á sọ pé 2.6 + 1.7 jẹ́ 4.3, gèlè mẹ́rin, ṣùgbọ́n 0.6 àti 0.7 tó ṣẹ́ kù wà lára aṣọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a kò sì lè fi abẹ́rẹ́ so wọ́n di gèlè tó ṣe é wé. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa fi àmì ilẹ̀ sí, ẹ béèrè bóyá àwọn ìṣẹ́kù náà lè para pọ̀.

Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ odidi, ìṣòro náà kò sí mọ́: ⌊x + n⌋ = ⌊x⌋ + n. Odidi nìkan ló lè jáde kúrò nínú ilẹ̀ láìsan owó ibodè.

Òfin kejì tó tọ́ sí ẹ̀rí ni ti ilẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀. Tí b bá jẹ́ odidi tó ju òdo lọ, ⌊⌊x⌋/b⌋ = ⌊x/b⌋. Àṣírí rẹ̀ ni pé odidi kò mọ ìyàtọ̀ x sí ilẹ̀ x: tí m bá jẹ́ odidi, m ≤ x àti m ≤ ⌊x⌋ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Torí náà, m ≤ ⌊x⌋/b túmọ̀ sí mb ≤ ⌊x⌋. Níwọ̀n bí mb ti jẹ́ odidi, ó di mb ≤ x, ìyẹn m ≤ x/b. Àwọn odidi kan náà ló bá apá méjèèjì mu, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Tí b kì í bá ṣe odidi, mb lè má jẹ́ odidi, ẹ̀rí náà sì fọ́. Ẹ dán an wò pẹ̀lú x = 1.5 àti b = 0.5: apá kan fún wa ní 2, ìkejì ní 3.

Òdo mélòó ló wà ní ìparí 100!?

100! ni 1 × 2 × 3 títí dé 100. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ a lè ka òdo tó wà ní ìrù rẹ̀. Òdo kọ̀ọ̀kan wá láti ara 10, 10 sì jẹ́ 2 × 5. 2 pọ̀ níbẹ̀ ju 5 lọ, torí náà 5 la máa kà. Ìlọ́po 5 láti 1 dé 100 jẹ́ ⌊100/5⌋ = 20. Ìlọ́po 25 ní 5 kan sí i: ⌊100/25⌋ = 4. Ìlọ́po 125 kò sí. 20 + 4 = 24. Òdo 24 ni. Ìlànà Legendre ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, òfin ilẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló sì mú un rọrùn: a kò nílò láti wá 25 àti 125, a kàn ń pín èsì tó kẹ́yìn sí 5 ni. 100 di 20, 20 di 4, 4 di 0.

Ẹ má ṣe dúró dé ìparí kí ẹ tó mú ilẹ̀. Ka 2 tó wà nínú 100!: 50 + 25 + 12 + 6 + 3 + 1 = 97. Ẹni tó fi dẹ́símà sílẹ̀, tó ṣe 50 + 25 + 12.5 + 6.25 + 3.125 + 1.5625, á rí 98.4375, yóò mú ilẹ̀ rẹ̀, yóò sì ní 98. Ọ̀rọ̀ gèlè náà ni: ìṣẹ́kù tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló so pọ̀.

Ṣé Yorùbá kò ti ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀?

Ó ń ṣe é. Nínú ìkà wa, 44 jẹ́ mẹ́rìnlélógójì: a dúró lórí ilẹ̀, 40, a fi mẹ́rin lé e. 45 jẹ́ márùndínláàádọ́ta: a gòkè lọ sí àjà, 50, a yọ márùn-ún. Ẹnu ààlà wà láàárín mẹ́rin àti márùn-ún, fún nọ́ńbà tó ju mẹ́wàá lọ, ìlànà kan ṣoṣo ló ń sọ ìlọ́po mẹ́wàá tí a máa dúró lé: 10⌊(n + 5)/10⌋. Fún 44, ⌊49/10⌋ jẹ́ 4, ó di 40. Fún 45, ⌊50/10⌋ jẹ́ 5, ó di 50. Tí èsì náà bá kéré sí n, “lé” là ń sọ. Tó bá ju n lọ, “dín” ni.

Ìyẹn ni pé ẹni tó wà lágbedeméjì gan-an máa ń lọ sókè. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ wo ìlà wọ̀nyí nínú Python:

```python
import math
-7 // 2                  # -4
int(-7 / 2)              # -3
-(-100 // 14)            # 8
round(4.5)               # 4
math.floor(0.29 * 100)   # 28
```

Ìlà `//` mú ilẹ̀ gidi, −3.5 sì sọ̀ kalẹ̀ sí −4. `int` ń gé dẹ́símà dànù, ó ń lọ sápá òdo. Bí `/` ṣe ń ṣe fún odidi nínú èdè C náà nìyẹn: `-7 / 2` jẹ́ −3 níbẹ̀, `-7 % 2`, ìyẹn ìṣẹ́kù rẹ̀, sì jẹ́ −1. Ẹni tó ń fi `n % 2 == 1` mọ̀ bóyá nọ́ńbà kò pín sí méjì dọ́gba nínú C kò ní rí −7 mú. `n % 2 != 0` ni kó kọ.

Ìlà `-(-100 // 14)` ni bọ́ọ̀sì wa. Òfin ilé tó dojú dé ló lò: a yí àmì padà, a mú ilẹ̀, a tún yí i padà, àjà ló jáde. Ní ti `round(4.5)`, tí nọ́ńbà bá wà lágbedeméjì, Python máa ń lọ síbi tí odidi tó pín sí méjì dọ́gba wà, ìdí nìyẹn tó fi mú 4. Ẹni tó bá fẹ́ ti Yorùbá, `math.floor(x + 0.5)` ni kó lò.

Èyí tó kẹ́yìn ló ń kó àwọn tó ń ṣírò owó sí wàhálà. 0.29 × 100 jẹ́ 29, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lè kọ 0.29 geerege ní ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú nọ́ńbà, 28.999999999999996 ló rí, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 28. Kọ́bọ̀ kan ti lọ. Ilẹ̀ àti àjà kò mọ “ó kù díẹ̀”: ohun tó fi bíńtín dín sí 29, 28 ni wọ́n máa kà á sí. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, ní odidi, láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi `//` pín odidi sí odidi, kí dẹ́símà má tilẹ̀ yọjú rárá.